Ìbàdí Ọmọ Tuntun Tí Kò Jókòó Dáadáa: Láti Ọjọ́ Ìbí Dé Ìgbà Tí A Ó Bọ́ Bẹ́líìtì

Eegun itan ní orí róbótó lókè, orí yìí ló sì jókòó sínú kòtò kan lára eegun ìbàdí. Nígbà tí a bá bí ọmọ, kòtò yẹn kò tíì le. Eegun rírọ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Orí eegun itan tó ń tẹ̀ ẹ́ láti àárín gan-an ló ń jẹ́ kí ó jìn, bí ìgbà tí amọ̀kòkò bá ń fi ọwọ́ mọ inú ìkòkò tútù. Tí orí yẹn bá ń yọ́ síta, tàbí tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kòtò á tẹ́ pẹrẹsẹ bí àwo, orí náà kò sì ní rí ibi dì mú mọ́. Kò ní dun ọmọ. Kò ní kọ ọmú, ara rẹ̀ kò sì ní gbóná. Ọ̀pọ̀ òbí ló jẹ́ pé ìgbà tí ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn tó ń tiro ni wọ́n tó mọ̀, nígbà yẹn iṣẹ́ abẹ ló sábà máa ń kù.

A kọ èyí fún àwọn nọ́ọ̀sì, agbẹ̀bí àti òbí tó wà ní Àbújá àti káàkiri Òkè Ọya. Àrùn yìí kò wọ́pọ̀ láàárín wa, ohun kan tó sì fà á ni pé a máa ń pọn ọmọ. Ọmọ tí a pọ̀n, tí àwọn aládùúgbò wa tó jẹ́ Haúsá ń pè ní gòyò, máa ń ká orúnkún rẹ̀, itan rẹ̀ a sì là gba ẹ̀yìn ìyá rẹ̀; bẹ́ẹ̀ gan-an ló ṣe yẹ kí ìbàdí wà. Ṣùgbọ́n nítorí pé kò wọ́pọ̀, ọwọ́ ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìlera kò mọ bí ìbàdí tó ń yọ́ ṣe rí. Ọmọ tó bá ní in á sì gba iwájú wọn kọjá.

Ọmọ tí a kò gbọdọ̀ jẹ́ kó lọ láìyẹ̀ ẹ́ wò dáadáa

Gbogbo ọmọ tuntun ló yẹ ká yẹ ìbàdí rẹ̀ wò. Àmọ́ àwọn kan wà tó jẹ́ pé bí ọwọ́ wa ò tilẹ̀ rí nǹkan kan, a ó ṣì ní kí wọ́n lọ ya síkáànù. Àkọ́kọ́ ni ọmọ tó kọ ìdí tàbí ẹsẹ̀ sí ọ̀nà ní oṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn oyún, ìbáà jẹ́ pé iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé e jáde. Àwọn àgbà ti ní orúkọ fún ọmọ tó fi ẹsẹ̀ wáyé, Ìgè ni wọ́n ń pè é. Ẹ jẹ́ kí orúkọ yẹn máa rán yín létí ìbàdí. Ìkejì ni ọmọ tí òbí rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tàbí àbúrò rẹ̀ ti ní àìsàn yìí rí. Ọmọbìnrin ni ó ń mú ju ọkùnrin lọ, àkọ́bí ni ó sì ń mú ju àwọn tó tẹ̀lé e, nítorí pé ilé ọmọ kò tíì nà rí. Tí omi inú ilé ọmọ bá kéré, tàbí tí ọrùn ọmọ bá wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan nígbà tí a bí i, ẹ fura.

Ìbàdí òsì ni ó máa ń ṣe jù. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń kọ ẹ̀yìn sí apá òsì ìyá wọn nínú oyún, itan òsì wọn a sì máa fara ti eegun ẹ̀yìn ìyá, kò ní ráyè là.

Bí a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò

Ẹ tẹ́ ọmọ sórí tábìlì tó le díẹ̀, kì í ṣe orí ibùsùn tó ń rọ̀, kì í sì í ṣe orí itan ìyá rẹ̀. Ẹ bọ́ pámpásì rẹ̀ pátápátá. Ẹ jẹ́ kó ti mu ọmú tán kí ara rẹ̀ rọlẹ̀, nítorí pé ọmọ tó ń ké máa ń le iṣan itan débi pé ìbàdí tó ń yọ́ kò ní yọ́ lójú yín. Ní àsìkò ọyẹ́, ẹ fi ọwọ́ yín pa ara wọn kó gbóná kí ẹ tó fi kàn án. Tó bá ṣì ń ké, ẹ dá a padà fún ìyá rẹ̀, kí ẹ padà wá. Àyẹ̀wò tí a fi ipá ṣe kò wúlò.

Ìbàdí kan ni a ń yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fi ọwọ́ kan di eegun ìbàdí mú kó má yí. Pẹ̀lú ọwọ́ kejì, ẹ ká orúnkún àti itan ọmọ sókè dé 90°. Àtàǹpàkò yín á wà nínú itan, ìka ìfábẹ̀lá àti ìka àárín á wà lẹ́yìn òkè itan, níbi tí eegun ti yọ sóde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí.

Ti Bálò la kọ́kọ́ ń ṣe, èyí tí dókítà Tọ́másì Bálò ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé ní 1962. Ó ń bi wá bóyá orí eegun tó wà nílé lè jáde. Ẹ mú itan wá sí àárín díẹ̀, kí ẹ sì rọra tì í sẹ́yìn, síhà tábìlì. Agbára tí ẹ fẹ́ lò kò ju èyí tí ẹ fi ń tẹ búrẹ́dì tútù wò lọ. Tí orí bá yọ́ kúrò, ẹ ó mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ bí ìgbà tí nǹkan fò kọjá etí àwo.

Ti Ọtọláànì ló tẹ̀lé e. Marínò Ọtọláànì, dókítà ọmọdé ará Ítálì, ló kọ nípa rẹ̀ ní nǹkan bí 1937. Òun ń bi wá bóyá orí eegun tó ti jáde lè padà sílé. Láti 90° yẹn, ẹ la itan síta díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì fi ìka ẹ̀yìn gbé òkè itan síwájú. Tí orí bá wọlé, ọwọ́ yín á gbọ́ ọ: gbì!

Ìró yìí ni ó ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú. Ohun tó ń ró *kẹ́* tín-ín-rín, tí etí gbọ́ ju ọwọ́ lọ, iṣan tó ń fò lórí eegun ni. Ó wọ́pọ̀, kì í sì í ṣe àìsàn. *Gbì* yàtọ̀. Ọwọ́ ló ń mọ̀ ọ́n, nítorí pé odindi orí eegun ló ṣípò padà. Ẹ kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ bó ṣe rí: “Bálò òsì, ó jáde ó padà fúnra rẹ̀”, tàbí “Ọtọláànì ọ̀tún, ó wọlé.” Má ṣe kọ “ìbàdí dára” nìkan, nítorí pé ẹni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn yín kò ní mọ ohun tí ẹ ṣe. Ẹ má sì tún un ṣe léraléra kí ojúgbà yín mẹ́rin lè fọwọ́ kàn án. A lè ba ìbàdí tó rọ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Àyẹ̀wò méjèèjì yìí ní ọjọ́ orí. Bí ọmọ bá ti ń lọ sí oṣù 2 sí 3, iṣan rẹ̀ á le, orí eegun tó wà níta kò sì ní wọlé mọ́ bí a tilẹ̀ là á. Ẹni tó ṣe Ọtọláànì fún ọmọ oṣù 4 tí kò gbọ́ nǹkan kan, tó sọ pé ó dára, ti tan ara rẹ̀ jẹ. Láti ìgbà yẹn lọ, bí itan ṣe ń là tó ni ká máa wò. Ẹ ká orúnkún méjèèjì, kí ẹ la itan méjèèjì papọ̀. Tí ọ̀kan bá dúró kó tó dé 60°, tàbí tó kúrú sí èkejì rẹ̀ ní 20°, ẹ rán ọmọ náà lọ sọ́dọ̀ dókítà eegun. Ẹ tún gbé àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì lélẹ̀ lórí tábìlì pẹ̀lú orúnkún kíká, kí ẹ wo bóyá orúnkún kan kéré sí èkejì.

Tó bá jẹ́ ìbàdí méjèèjì ló jáde, orúnkún á dọ́gba, itan á sì dọ́gba nínú àìlà. Níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Ẹ gbé ìka àárín sí eegun tó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè itan, kí ẹ gbé ìka ìfábẹ̀lá sí ṣóńṣó eegun ìbàdí níwájú, kí ẹ wo ibi tí ìlà àárín ìka méjèèjì kọjú sí. Ní ara ọmọ tí ìbàdí rẹ̀ wà nílé, ó ń kọjú sí ìdodo tàbí òkè rẹ̀. Tó bá gba ìsàlẹ̀ ìdodo kọjá, orí eegun ti gòkè.

Ìgbà tí a ń ya síkáànù, àti bí a ṣe ń mọ èyí tí kò dára

Ìkánjú àwọn òbí máa ń jẹ́ kí wọ́n fẹ́ ya síkáànù ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n ní sùúrù díẹ̀. Oríkèé ọmọ tuntun ṣì rọ̀ láti inú oyún, ọ̀pọ̀ ìbàdí tó dà bí ẹni pé ó tẹ́ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ló sì máa jìn fúnra rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 ni a fẹ́. Tí oṣù ọmọ kò bá pé kí wọ́n tó bí i, ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n bí i ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ìyàtọ̀ kan wà o: ọmọ tí Ọtọláànì rẹ̀ wọlé gbì kò gbọdọ̀ dúró de síkáànù kó tó rí dókítà eegun. Lọ́sẹ̀ yẹn náà ni kó lọ. Ilé ìwòsàn Násọ́nà ní Àbújá, ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì Àbújá ní Gwagwaládà àti ilé ìwòsàn eegun Dálà ní Kánò ni ẹ lè rán wọn lọ.

Ọ̀sẹ̀ 6 yẹn bọ́ sí ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára lẹ́yìn ti ọjọ́ ìbí. Nítorí náà, ẹ kọ “síkáànù ìbàdí” sórí káàdì àjẹsára lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀sẹ̀ 6 kí ìyá tó kúrò ní yàrá ìgbẹ̀bí, kí ẹ sì kọ “ṣé itan ń là?” sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀sẹ̀ 14. Ìyá lè sọ ìwé ìtọ́kasí nù. Káàdì yẹn kì í sábà sọ nù.

Gíráàfù, dókítà eegun ará Ọ́síríà, ló gbé ọ̀nà tí a fi ń wọn àwòrán yìí jáde ní 1980. Igun méjì ni a ń kà lójú ẹ̀rọ, α àti β. α ló ń sọ bí òrùlé kòtò ṣe jìn tó, òun sì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. 60° tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ dára. Láti 50° dé 59° lára ọmọ tí kò tíì pé oṣù 3 ni wọ́n ń kọ ní IIa. Ó ṣì lè jìn fúnra rẹ̀, a ó kàn tún un yà kó tó pé ọ̀sẹ̀ 12. Nọ́ńbà yẹn kan náà lára ọmọ tó ti kọjá oṣù 3 di IIb, òun kò sì sí lára àwọn tí a ń dúró wò mọ́. Láti 43° dé 49° nílò ìtọ́jú. Tó bá wálẹ̀ ju 43° lọ, orí eegun ti kúrò nílé.

Nọ́ńbà yẹn kò ní ìtumọ̀ tí àwòrán bá wọ́. Ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti ń ya síkáànù aláboyún kì í ya ìbàdí ọmọ, orí ẹ̀rọ roboto tí wọ́n fi ń wo ikùn kò sì dára fún un. Orí ẹ̀rọ tó tẹ́ gbọọrọ ni a nílò. Kí ẹ tó gba èsì, ẹ wo àwòrán fúnra yín. Ìlà eegun ìbàdí lókè gbọ́dọ̀ tọ́ bí okùn tí a nà, kò gbọdọ̀ tẹ̀ tàbí kó dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìsàlẹ̀ eegun yẹn nínú kòtò gbọ́dọ̀ hàn. Etí rírọ̀ tó yí ẹnu kòtò ká gbọ́dọ̀ hàn. Tí ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí bá sọnù, ẹ̀rọ ti gbé igun tí kì í ṣe ti ọmọ náà jáde, ẹ dá wọn padà kí wọ́n tún un yà. Èsì tó kọ “ìbàdí méjèèjì dára” láìsí α nínú rẹ̀ kò tíì dáhùn ìbéèrè wa.

Láti oṣù 4 sí 6, eegun gidi ti ń hù nínú orí itan, ó sì ń dí síkáànù lójú. Éksíréè ló kàn.

Ọmọ kan láti Kúbúwà

Ẹ jẹ́ ká fi ọmọ kan ṣe àpẹẹrẹ. Ọmọbìnrin ni, àkọ́bí, ó kọ ìdí sọ́nà, wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbé e jáde. Ní ọjọ́ kejì, Bálò òsì rẹ̀ jáde, ó sì padà fúnra rẹ̀. Ọ̀tún kò mira. A kọ ọ́ sílẹ̀, a kọ ọjọ́ síkáànù sórí káàdì, a sì bá ìyá àgbà tó wá láti Ìbàdàn wá wẹ ọmọ sọ̀rọ̀ pé: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má na ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, ẹ má sì di ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ mú gbé e sókè.” Ìwẹ̀ lè máa lọ, fífi ọwọ́ ra apá àti ẹ̀yìn lè máa lọ, nína ẹsẹ̀ nìkan ló dúró. Nínà yẹn ló ń fa orí eegun kúrò ní kòtò tó tẹ́. Bákan náà ni wíwé ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀ gbọọrọ nínú aṣọ ọyẹ́. Ẹ lè wé àyà àti apá, kí itan wà lálàfo nísàlẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ 6, α ọ̀tún jẹ́ 62°, ti òsì jẹ́ 46°, orí eegun ṣì wà nínú kòtò ṣùgbọ́n kò jókòó jinlẹ̀. Ẹnì kan ní ìdílé sọ pé kí wọ́n kàn wọ pámpásì méjì fún un. Pámpásì méjì kì í ṣe ìtọ́jú; ọjọ́ nìkan ló máa jẹ dànù. Ọmọ yìí gba bẹ́líìtì Páfílíkì.

Bí a ṣe ń wọ bẹ́líìtì náà

Ará Ṣẹ́ẹ̀kì ni Páfílíkì, nǹkan bí 1944 ló sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Èrò rẹ̀ ni pé ká má fi ipá mú ẹsẹ̀ dúró sójú kan. Kí ọmọ máa ta ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n kí títa yẹn máa gbé orí eegun lọ sí àárín kòtò. Ó ní okùn àyà, okùn èjìká méjì tó kọjá ara wọn lẹ́yìn, bàtà aṣọ méjì, àti okùn iwájú pẹ̀lú okùn ẹ̀yìn fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ẹ kọ́kọ́ wọ síńgílẹ́ẹ̀tì òwú àti ìbọ̀sẹ̀ gígùn fún un kí okùn má bàa jẹ ẹ́ lára. Ẹ tẹ́ bẹ́líìtì sílẹ̀, kí ẹ tẹ́ ọmọ lé e. Okùn àyà wà ní ọ̀gangan ọmú. Ìka méjì gbọ́dọ̀ lè wọ abẹ́ rẹ̀. Ẹ ti ẹsẹ̀ bọ bàtà, kí okùn òkè bàtà wà lábẹ́ orúnkún gẹ́lẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fa okùn iwájú títí itan á fi gòkè dé 90° sí 100°. Okùn ẹ̀yìn ni iṣẹ́ rẹ̀ ń ṣi ọ̀pọ̀ lọ́nà: wọ́n ń fà á le kí itan lè là. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ dẹ̀ díẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó má jẹ́ kí orúnkún méjèèjì pàdé. Nígbà tí ẹ bá rọra kó orúnkún wá sí àárín, àyè tó tó ìka mẹ́ta sí márùn-ún gbọ́dọ̀ kù. Ìwúwo ẹsẹ̀ fúnra rẹ̀ ni á la itan nígbà tí ọmọ bá sùn. Tí ẹ bá fi okùn là á nípá, ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí orí eegun lè dí, apá kan nínú rẹ̀ lè kú, ìyẹn sì burú ju àìsàn tí a ń tọ́jú lọ.

Tó bá ti dára, ẹ fi báírò fa ìlà sára okùn kọ̀ọ̀kan níbi tó dúró sí. Tí okùn bá tú nílé, ìyá á mọ ibi tó máa dá a padà sí.

Wákàtí 24 ni ọmọ Kúbúwà yìí ń wọ̀ ọ́. Wọn kò bọ́ ọ láti wẹ̀. Kànìnkàn tútù ni wọ́n fi ń nù ún, wọ́n sì ń gbẹ ìwọ́pọ̀ ọrùn, abẹ́ orúnkún àti ẹ̀gbẹ́ itan dáadáa, torí ooru Máàṣì ní Àbújá ń bẹ́ awọ níbẹ̀ kíákíá. Pámpásì ń gba abẹ́ okùn. Ọwọ́ ni wọ́n ń ti bọ abẹ́ ìdí láti gbé e, kì í ṣe ọrùn ẹsẹ̀. Abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ 10 rí ibi gbà sí itan láìbọ́ bẹ́líìtì.

Ohun tó lè bàjẹ́ lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan

Ọmọ ń dàgbà, okùn kì í dàgbà. Okùn iwájú tó dára lónìí á ti fa itan sókè jù láàárín ọ̀sẹ̀ 1 sí 2, ìdí nìyí tí a fi ń yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Tí itan bá kọjá 120°, iṣan ìmọ̀lára iwájú itan á fún. Àmì rẹ̀ ni pé ọmọ kò na orúnkún mọ́. Lójoojúmọ́, kí ìyá rín ọmọ ní àtẹ́lẹsẹ̀: orúnkún méjèèjì gbọ́dọ̀ ta. Tí ẹ̀gbẹ́ kan bá dúró jẹ́ẹ́, ọmọ gbọ́dọ̀ padà wá lọ́jọ́ náà, a ó sì bọ́ bẹ́líìtì títí tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í ta á padà. Bí a bá tètè rí i, ó sábà máa ń padà.

Fún ìbàdí tó ti jáde pátápátá, ìdájọ́ kan wà tó ṣòro fún òbí àti dókítà. Tí orí eegun kò bá tíì wọlé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 3 sí 4, a gbọ́dọ̀ dá bẹ́líìtì dúró. Bí a bá ń bá a lọ, orí tó wà níta á máa gbo ẹ̀yìn etí kòtò títí yóò fi jẹ ẹ́, ìtọ́jú tó kàn, ìyẹn dídá a padà lábẹ́ oògùn oorun pẹ̀lú sìmẹ́ńtì tí a fi ń di ìbàdí mú, á sì le sí i. Ọmọ tó ti lé ní oṣù 6 pẹ̀lú kì í sábà gba bẹ́líìtì mọ́, nítorí pé ó lágbára jù ú lọ.

Ti ọmọ wa kò rí bẹ́ẹ̀. Síkáànù ọ̀sẹ̀ 9 fi α 53° hàn, ti ọ̀sẹ̀ 12 fi 61° hàn, Bálò rẹ̀ kò sì jáde mọ́. Dókítà ní kó máa wọ̀ ọ́ lóru nìkan fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí i. Ní ọ̀sẹ̀ 14, nígbà abẹ́rẹ́, itan méjèèjì là dọ́gba. Ìyá rẹ̀ bi wá bóyá òun lè pọ̀n ọ́n lọ́sàn-án. Bẹ́ẹ̀ ni, kí ọ̀já gba abẹ́ ìdí dé abẹ́ orúnkún, kí itan là gba ẹ̀yìn. Ní oṣù 6, éksíréè fi hàn pé igun òrùlé kòtò, tó yàtọ̀ sí α ti síkáànù, kò tó 30° bó ṣe yẹ, orí eegun sì wà lábẹ́ rẹ̀ dáadáa. Wọ́n kọ éksíréè mìíràn sílẹ̀ fún ìgbà tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, nítorí pé kòtò tó ti dára lè lọ́ra láti máa jìn nìṣó.